Orúkọ mi wà nínú fọ́ọ̀mù màmá mi, síbẹ̀ báǹkì ò fún mi lówó

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi lé 1,840,000 náírà tí màmá mi fi sílẹ̀ sí báǹkì. Kí n tó rí i gbà, mo ti ná 263,000 náírà, yàtọ̀ sí èlé tí mo ń san lórí owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Owó èlé yẹn ló ń dùn mí jù. Mi ò bá má yá a rárá bí kì í bá ṣe pé gbogbo ilé ló gbà pé orúkọ mi tí màmá kọ sínú fọ́ọ̀mù àkáǹtì wọn ti parí ọ̀rọ̀.

Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé ẹ̀rí ikú dé báǹkì, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi kí n lè rí i. Ó ní, "Ẹ̀yin nìyí, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a máa kàn sí lẹ jẹ́. Kò sọ yín di ẹni tó ni owó." Ó ní kí n lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti àkáǹtì náà pa.

Àwọn kan ti gbà mí níyànjú pé kí n máa fi káàdì màmá fa owó náà kí báǹkì tó gbọ́. Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe é. Ọmọ mẹ́ta la jẹ́, ẹnikẹ́ni nínú àwọn àbúrò mi ló lè pè mí lẹ́jọ́ pé mo fọwọ́ kan ogún láìgba àṣẹ.

Ní kọ́ọ̀tù, èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ bèèrè fún àṣẹ náà. A kọ̀wé, a mú onídùúró méjì wá, wọ́n kéde orúkọ wa nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá fẹ́ takò wá lè jáde, a sì san owó kọ́ọ̀tù tí wọ́n ṣírò lórí iye tó wà nínú àkáǹtì. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ni wá lára.

Ìwé kan ṣoṣo ló dá wa dúró fún oṣù mẹ́rin. Kọ́ọ̀tù máa ń fúnni ní fọ́ọ̀mù kan kí báǹkì kọ iye owó olóògbé sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ báǹkì. Báǹkì fi í pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n á ní ó ti lọ sí oríkò wọn, bí mo bá tún padà lọ, wọ́n á ní kò tíì dé. Nígbà tó dé, mo sáré gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé tó gbà á gbé rúlà sábẹ́ orúkọ tí báǹkì kọ, ó tún gbé e sábẹ́ èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú. Rabiat ni ti báǹkì, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí màmá mi. Rabiatu ló wà nínú ìwé ikú, pẹ̀lú orúkọ bàbá wa. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ìyá méjì ló wà níwájú mi yìí."

Èmi náà ni mo sọ orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ikú. Mi ò wo ìwé báǹkì kankan kí n tó sọ ọ́.

Mo lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n màmá mi náà wá búra, àgbà ẹni ọdún 81 tí a gbé wọ ọkọ̀ láti abúlé. Lẹ́yìn náà ni báǹkì ní fọ́ọ̀mù tuntun ni àwọn máa kọ, ó tún wá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo pariwo lọ́jọ́ kan níwájú máníjà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwé náà jáde.

Nígbà tí àṣẹ náà tẹ̀ wá lọ́wọ́, báǹkì ṣí àkáǹtì ogún fún èmi àti àbúrò mi, wọ́n da owó náà sí i. A yọ gbèsè àti ìnáwó kúrò, a pín ìyókù sí mẹ́ta. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìṣirò náà, àwọn àbúrò mi méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Inú mi dùn pé kò sí ìjà.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láàyè, ẹ gba ìwé báǹkì wọn wò lónìí. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọn bá èyí tó wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn mu, ẹ sì mú wọn lọ ṣàtúnṣe ní báǹkì nígbà tí wọ́n ṣì lè fọwọ́ síwèé fúnra wọn. Ẹ bèèrè gbogbo àkáǹtì tí wọ́n ní, nítorí ìwé àṣẹ tiwa kò kan ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yan ẹni tó máa gba owó, ìwé ìhágún ló ń ṣe é, fọ́ọ̀mù báǹkì kọ́. Ẹ má sì rò pé ìhágún á gbà yín lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù, ẹ ṣì máa débẹ̀, ẹ ṣì máa san owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí olóògbé fúnra rẹ̀ yàn ni ilé ẹjọ́ máa pè. Mo ti lọ kọ tèmi ní oṣù tó kọjá. Ìyàwó mi mọ ibi tó wà.