Bí a ṣe ń gba ìwé ìlera òṣìṣẹ́ tuntun láìtú àṣírí rẹ̀

Nígbà tí mo ń bójú tó fáìlì òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, ọsibítù tí à ń lò fi èsì àyẹ̀wò àwọn mẹ́fà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì kan ṣoṣo. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo jù ú sí gúrúùpù àwọn máníjà kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan ti ń gbé ife tiwọn wá láti ilé, torí wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B. Àrùn yẹn kì í gba ara ife ranni. Láàrin àwọn àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń gbà jù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Ọmọ náà ò pé oṣù méjì lọ́dọ̀ wa.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Gúrúùpù yẹn kọ́ ni. Páálí ni ọmọ náà fẹ́ máa kó sí sítọ̀. Èsì hẹpatáítìsì kò ní ohunkóhun bá páálí ṣe, kò sì yẹ kó dé ọwọ́ èmi pàápàá. Ohun tí agbanisíṣẹ́ nílò kò ju ìdáhùn kan lọ: ṣé ẹni yìí lè ṣe iṣẹ́ yìí? Láàrin dókítà àti aláìsàn ni èsì àyẹ̀wò ń gbé.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ó ka ìlera, ẹ̀sìn, àti ìka tí a fi ẹ̀rọ yà láti dá ènìyàn mọ̀ sí dátà tó gba ìṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ, ó sì ní kí a má gba ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ. Àjọ tí wọ́n ń pè ní NDPC ló ń rí sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé e. Ká ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn fẹ́ gba awakọ̀ tí yóò máa pín búrẹ́dì. Ká pe awakọ̀ náà ní Ràṣídì.

Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó kọ àyẹ̀wò

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kàn ń sọ fún ọsibítù pé "ẹ bá wa ṣe mẹ́díkà fún un" ni. Ọsibítù náà á sì gbé àkójọ tó máa ń lò jáde: jẹnótáìpù, HIV, hẹpatáítìsì, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, oyún bó bá jẹ́ obìnrin. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti fún wọn láyè láti yẹ gbogbo ara ènìyàn wò nítorí búrẹ́dì.

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ohun tí Ràṣídì máa ṣe. Aago mẹ́rin ìdájí ni yóò máa jáde, òkùnkùn ṣì wà. Yóò máa gbé kéréètì búrẹ́dì sókè sódò. Ọwọ́ rẹ̀ yóò máa kan oúnjẹ. Láti inú èyí ni ìbéèrè ti máa jáde fúnra rẹ̀: ṣé ojú rẹ̀ ríran dáadáa lókèèrè àti lóru? Ṣé kò ní wárápá tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè mú kó dákú nídìí ọkọ̀? Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù? Ṣé kò gbé kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun sínú, tó lè ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sára búrẹ́dì? Ó parí. Kò síbi tí jẹnótáìpù ti wọlé. Ti HIV tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òfin ọdún 2014 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV kò fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ sọ àyẹ̀wò rẹ̀ di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí iṣẹ́.

Lẹ́tà sí dókítà

Ẹ so ìwé iṣẹ́ yẹn mọ́ lẹ́tà, kí ẹ sì sọ irú èsì tí ẹ ń fẹ́. Èyí tí mo ń lò báyìí rèé:

"Ẹ jọ̀wọ́, lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ fi ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta yìí ránṣẹ́ sí wa: ó lè ṣe iṣẹ́ náà, ó lè ṣe é bí a bá ṣe báyìí fún un, tàbí kò tíì lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó padà wá lọ́jọ́ báyìí. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn, ẹ má fi ìwé láàbù kún un. Ẹ fún òun fúnra rẹ̀ ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́."

Ti Ràṣídì padà wá báyìí: ó lè ṣe iṣẹ́ náà bó bá ń lo awò ojú nígbà tó bá ń wakọ̀. Gbólóhùn kan péré, ó sì tó fún ilé búrẹ́dì láti ṣe ohun tó yẹ. Bí ọsibítù bá fẹ́ fi ìyókù ránṣẹ́, ẹ rán wọn létí pé Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, ti sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn lọ́wọ́ wọn.

Ibì kan wà tí àṣírí máa ń gbà jò tí ẹnikẹ́ni kì í wò: bíìlì. Ẹ ti lè ṣe gbogbo èyí, kí ọsibítù wá fi bíìlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka akáǹtì ní ìparí oṣù, kí orúkọ Ràṣídì wà lápá òsì, kí orúkọ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe fún un sì tò lápá ọ̀tún pẹ̀lú owó. Akọ̀wé owó á kà á tán pátápátá. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn pé "àyẹ̀wò kí a tó gbani síṣẹ́, ènìyàn mẹ́ta" àti àròpọ̀ owó ni kó máa wà lórí bíìlì.

Kí Ràṣídì tó lọ sọ́sibítù, ẹ fún un ní ìwé kékeré kan tó sọ ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò, ìdí rẹ̀, ẹni tó máa rí ìdáhùn, bí ìdáhùn náà ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ yín, àti pé ó lè fẹjọ́ sun NDPC bí inú rẹ̀ ò bá dùn. Kó fọwọ́ sí i pé òun ti kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfọwọ́sí yẹn ṣe odi. Ta ni ẹni tó ń wá iṣẹ́ tó máa sọ pé òun ò gbà? Òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí a wò ó bóyá a so àdéhùn mọ́ ohun tí àdéhùn náà kò nílò. Ohun tí kò bá iṣẹ́ mu kò lè bá a mu nítorí pé ènìyàn fọwọ́ sí i.

Ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rọrùn: ẹ bá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wádìí bó bá jẹ́ ojúlówó. Ibi iṣẹ́ tó ti kúrò, ẹ béèrè ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, àti iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Bó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíì, ẹ má pe ọ̀gá rẹ̀ kí ẹ tó fún un níṣẹ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lé níbi tó wà, tí ibi tó ń lọ náà ò sì gbà á.

Onídùúró ni wàhálà wa gan-an. Wọ́n á ní kí ènìyàn méjì dúró fún un, wọ́n á wá béèrè BVN wọn, ìwé báńkì wọn, ìwé ilẹ̀ wọn, ẹ̀sìn wọn, iye ìyàwó wọn. Onídùúró kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, òfin tó dáàbò bo Ràṣídì ló dáàbò bo òun náà. Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ìwé ìdánimọ̀ kan tí ẹ máa wò, àti ìfọwọ́sí rẹ̀ ti tó.

Ẹni tí ẹ bá rán lọ wo ilé onídùúró gbọ́dọ̀ ní àdéhùn lórí ìwé pẹ̀lú yín, torí iṣẹ́ yín ló ń jẹ́. Ìbéèrè méjì ni kó lọ fi dé: ṣé ibí lẹ ń gbé, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ dúró fún Ràṣídì? Onídùúró fúnra rẹ̀ ni kó bi, kó má bi ará àdúgbò. Àwọn kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bi ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín bóyá bàbá yẹn jẹ gbèsè, wọ́n á ya fọ́tò ilé tọmọtọmọ. Kó tó di alẹ́, gbogbo àdúgbò ti rò pé ọlọ́pàá ló ń wá bàbá náà.

Ibi tí ìwé ń sùn

Fáìlì méjì ni. Ọ̀kan fún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, owó oṣù àti ìsinmi. Èkejì, àpòòwé tí a lẹ̀ pa, fún ìdáhùn dókítà. Ẹnì kan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí i. Ẹni tó ń rán Ràṣídì lọ sójú ọ̀nà kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kó rí i pé awò wà lójú rẹ̀. Bákan náà ni tí ara rẹ̀ ò bá yá: kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé yóò padà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ohun tó ń ṣe é kò kàn án.

Ẹ wo fóònù náà. Bí ẹ bá fi fóònù yín ya ìwé kan, ó lè ti gun orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ pẹ̀lú fọ́tò ìgbéyàwó yín, kí àwọn ọmọ yín sì máa rí i lórí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn nílé. Ẹ fi sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, kí ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Bí àṣírí bá jò, ẹ kọ wákàtí tí ẹ mọ̀ sílẹ̀. Bí ìjàǹbá bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni í, ẹ ní wákàtí 72 láti sọ fún NDPC. Bí ìjàǹbá náà bá lè pọ̀, ẹ sọ fún ẹni náà kíákíá. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn, ọmọ páálí ni mo kọ́kọ́ máa pè. Fún ilé iṣẹ́ kékeré, owó ìtanràn lè dé ₦2,000,000 tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Nígbà tí Ràṣídì bá kúrò, ẹ fa ìdáhùn dókítà ya. Ìwé owó oṣù àti owó orí ṣì ní ìgbà tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn tí ẹ ò gbà, ẹ má jẹ́ kí ìwé wọn dàgbà lọ́wọ́ yín. Èmi ò kọjá oṣù mẹ́fà. Onídùúró ni gbogbo wa máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ìṣirò owó sì pé, ẹ pe àwọn méjèèjì, ẹ sọ fún wọn pé ìdúró ti parí, kí ẹ sì dá fọ́ọ̀mù wọn padà tòun ti fọ́tò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.