Òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà màmá mi

Màmá mi ti ọjà Iléṣà dé, wọ́n bọ́ bàtà, òkúta wẹ́wẹ́ kan jábọ́. Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n lára, nítorí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Egbò náà kò ju èékánná lọ. Nítorí pé kò dùn wọ́n, mo fojú kéré rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo dì í. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo tú báńdéèjì, òórùn ló kọ́kọ́ kí mi. Pupa ti tàn kúrò létí egbò tó ìbú ìka méjì, ẹsẹ̀ wú, ó sì gbóná ju èkejì lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga dé 310 mg/dL. Síbẹ̀ kò sí ibà, kò sí ìrora! A kò dúró dọjọ́ kejì ká tó dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, wọ́n sì ní wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ 7 kó tó jinná. Dókítà ní ká ní ìka ti dúdú ni, ọ̀rọ̀ gígé ni ì bá kàn.

Ní báyìí, lálaalẹ́ ni mo ń nu àárín ọmọ ìka wọn gbẹ, tí mo ń tan tọ́ọ̀ṣì, tí mo sì ń gbé dígí sábẹ́ gìgísẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní mo ń yẹ àwọn wò bí ọmọ tuntun, àmọ́ tí mo bá gbàgbé, àwọn náà ló máa ń pè mí.