Èékánná Kọ́ La Fi Ń Yan Igi

Tí àkókò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti tó níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ káfíńtà ní Ìkòròdú, ohun kan náà ni mo máa ń rí. Ọmọ á gbé pákó méjì kalẹ̀, á fi èékánná tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí èékánná bá wọlé sí lára, á ní igi rírọ̀ nìyẹn. Á wá kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: "Arère, igi rírọ̀." Bírò pupa ni mo máa ń fi fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni arère gba èékánná, ó fúyẹ́, ayùn sì ń já a bí ẹni ń gé iṣu. Síbẹ̀, agbo igi líle ló wà.

Irú igi tó jẹ́ nígbà tó ṣì wà lóko ló ń pín in sọ́nà méjì. Igi tó ń tanná, tí ewé rẹ̀ sì fẹ̀, igi líle la kà á sí: ìrókò, apá, ọ̀gànwó, àfàrà àti arère fúnra rẹ̀. Igi rírọ̀ ni páìnì àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tí ewé wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Igi tí wọ́n ń gé nínú igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó wá sí ọ̀dọ̀ àwọn alágbàlá pákó wa, igi líle ló pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń la igi, tí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní igi rírọ̀, arère ni wọ́n máa gbé fún yín. Wọn ò rẹ́ yín jẹ o. Lẹ́nu tiwọn, èyí tó rọrùn láti rẹ́ ni rírọ̀. Lójú olùdánwò, òdo ni.

Orí pákó ni kí ẹ wò, níbi tí ayùn ti gé e. Ẹ fi abẹ réésà tuntun fá ibẹ̀ kó dán, ẹ fi omi díẹ̀ pa á, kí ẹ wá gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Tí ẹ bá rí ihò wẹẹrẹ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, igi líle ni. Ojú ihò wọ̀nyẹn ni omi ń gbà gòkè nígbà tí igi ṣì wà láàyè. Ní ti páìnì, kò sí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ìlà funfun àti ìlà pupa rúsúrúsú tó tò tẹ̀léra ni ẹ máa rí, òórùn oje á sì máa ta sí yín nímú.

Ẹ̀yìn èyí ni àṣìṣe tó ń náni lówó máa ń wọlé. Ọmọ tó ti mọ ihò mọ páìnì á rò pé ó ti yan igi tán. Ọmọ kan fẹ́ kan pẹpẹ ìwé, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó gbé e ró láàárín. Pákó arère oní-ínṣì 1 ló rà. Nígbà tó fi ìfági fá a tán, nǹkan bí ìdámẹ́rin mẹ́ta ínṣì ló kù. Ó to ìwé ẹ̀kọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹrù irú ìlà ìwé bẹ́ẹ̀ sì lè ju ìdajì àpò símẹ́ǹtì lọ. Kò pẹ́ tí àárín pẹpẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀. Ó ní òun máa tú u palẹ̀ kí òun fi ìrókò ṣe é, nítorí igi líle ni ìrókò.

Mo ní kó mú ìwé wá ká ṣírò rẹ̀. Bí ìrókò ṣe ń kọ títẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìdámẹ́ta ju ti arère lọ. Ìyẹn ni pé tó bá pààrọ̀ igi, tí kò yí nǹkan mìíràn padà, títẹ̀ náà kò ní dín tó ìdámẹ́ta, owó tó máa ná á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Tó bá lo arère kan náà, ṣùgbọ́n tó fi í sílẹ̀ ní ínṣì 1 gbáko lẹ́yìn fífá, títẹ̀ á dín ju ìdajì lọ. Tó bá wá kan pákó kékeré kan dúró láàárín, tí gígùn tí kò ní ìtìlẹ́yìn wá di ínṣì 18, títẹ̀ tó kù kò ní ju ìdá kan nínú 16 lọ. Kò gbà á gbọ́ àfìgbà tó kan pákó àárín náà. Àjákù ló fi ṣe é, kò ra nǹkan kan.

Ohun tó tún máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé páìnì òyìnbó, tí a ní ó jẹ́ igi rírọ̀, le ju arère lọ lójú èékánná, bó sì ṣe ń kọ títẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ìrókò.

Iṣẹ́ tó máa wà níta ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ má ṣe rò pé igi líle kì í jẹrà. Arère tí òjò bá ń pa máa ń ní àbàwọ́n dúdú aláwọ̀ búlúù, kòkòrò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú. Fún bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrókò ló yẹ, ṣùgbọ́n inú igi náà, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni agbára rẹ̀ wà. Etí rẹ̀ tó funfun ò lágbára kankan lọ́dọ̀ kòkòrò. Tí wọ́n bá ta ìrókò fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ wo etí rẹ̀ kí inú yín tó dùn.

Ẹ má sì gbé igi tó gba èékánná fún irinṣẹ́ tó kú. Arère máa ń fọ́ wúruwùru lábẹ́ ṣíṣẹ́lì tí kò mú. Ojú ibi tí irú ṣíṣẹ́lì bẹ́ẹ̀ bá gé ò ní dán. Ti ìrókò yàtọ̀: òkúta kéékèèké máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń ba ẹnu ìfági jẹ́, eruku rẹ̀ sì máa ń yún ara, kì í ṣe èyí tí ẹ máa fá láìbo imú. Tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó nítòsí etí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lu ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè là.

Fún ẹni tó bá fẹ́ páìnì ní tòótọ́, páléètì tí ẹrù fi wọlé láti Àpápá ló rọrùn jù láti rí. Ẹ wá òǹtẹ̀ IPPC lára rẹ̀. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìyẹn dára. Tó bá jẹ́ MB, oògùn olóró ni wọ́n fín sí i. Ẹ má gbé e wọ ibi iṣẹ́ mi. Tó bá jẹ́ HT, ẹ fa gbogbo ìṣó ara rẹ̀ yọ, kí ẹ sì fi òòfà wá èyí tó ti kán sínú kí ìfági tó kàn án.