Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán fún owó títìpa

"₦6,000 mi dà?" Ìbéèrè yìí làwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà níléeṣẹ́ wa gbọ́ títí ó fi sú wọn. Ẹ̀ka ìpolówó ti kéde ohun tuntun inú áàpù wa: èèyàn lè ti owó rẹ̀ pa fún 90 ọjọ́, kó gba èlé lé e. Ohun tí wọ́n wá kọ sábẹ́ àwòrán ni "Èlé tó tó 12%!" Ẹni tó ti ₦50,000 pa ṣírò tiẹ̀, ó rí ₦6,000. Nígbà tọ́jọ́ pé, ₦1,479 ló bá lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jà á lólè o. Èlé ọdún kan gbáko ni 12% yẹn, 90 ọjọ́ péré lowó rẹ̀ sì lò. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un?

Èmi ni wọ́n ní kí n tún un kọ. Ìṣirò ò le: ẹ fi 90 sọ ₦6,000 di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 365 pín in. Mo yọ 12% kúrò níbẹ̀rẹ̀, mo fi náírà rọ́pò rẹ̀, torí Instagram máa ń ká ìyókù ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni gbólóhùn kan ṣoṣo: kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá ṣí owó náà kọ́jọ́ tó pé? Ẹnjiníà ní ojú ẹsẹ̀ ni owó ń padà. Àwọn tó ń gbé fóònù ní rárá, oníbàárà máa ń dúró. Lọ́yà ní kí n ṣáà kọ ọ́ pé "òfin àti ìlànà wà fún un". Inú bí mi! Òfin wo? Ẹni tí owó ilé ìwòsàn ká mọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá lónìí ni àbí lọ́la.

Mo bá ti ₦1,000 tèmi pa, mo sì ṣí i lọ́sàn-án. Owó ò wọlé. Ọ̀gànjọ́ ló tó dé, èlé ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo fi áláàtì han ẹnjiníà ló rántí pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lóru, ni ẹ̀rọ ń ṣètò irú owó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kọ nìyí, ó sì wù mí:

"Ẹ ti ₦50,000 pa fún 90 ọjọ́, ẹ ó gba ₦51,479. Bẹ́ ẹ bá ṣí i kọ́jọ́ tó pé, ₦50,000 yín á padà pérépéré láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò ní sí èlé."

Bó bá jẹ́ pé mo tún un ṣe ni, màá kọ́kọ́ gbé owó tèmi wọ áàpù náà kí n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀gá ìpolówó ní ọ̀rọ̀ mi ò dùn, ó fẹ́ "Jẹ́ kí owó rẹ ṣiṣẹ́ fún ọ". Mo yọ ọ́. Ó lọ kọ ọ́ sórí àwòrán.