Wàrà Ti Ń Tán, Ọmọ Màlúù Kò Sì Jẹ Sítátà

Ìbéèrè: Màlúù mi bí ní òru àná. Wàrà ìyá rẹ̀ kò pọ̀. Ṣé mo lè fi ọmọ náà sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n tó fún un ní nǹkan?

Ẹ lọ fún un báyìí kí ẹ tó ka èyí tó kù. Wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n rúsúrúsú, ni gbogbo ààbò tó máa ní, torí ọmọ màlúù kì í gbé ohun tó ń bá àrùn jà wá láti inú ìyá rẹ̀. Ìfun rẹ̀ ló ń gba ààbò náà láti inú wàrà, ìfun yẹn sì ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa pé wákàtí 24, kò ní lè gbà á mọ́. Ọmọ tó wọn kílò 25 nílò lítà 2 àbọ̀: lítà 1 àbọ̀ láàárín wákàtí 2 tí wọ́n bí i, ìyókù kí wákàtí 6 tó pé. Ẹ fún wàrà náà sínú ike kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. "Mo rí i tó ń fa ọmú" kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ìbéèrè: Lítà 2 péré ló ń kù fún ọmọ náà lójúmọ́ lẹ́yìn tí a bá ti ta ìyókù. Ṣé kí n bu omi là á kó lè pọ̀?

Rárá. Omi tí ẹ bù sí wàrà á kàn gba àyè oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀ ni. Ọmọ kílò 30 ò gbọ́dọ̀ mu dín ní lítà 3 lójúmọ́, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara màlúù fúnra rẹ̀. Ẹ dín èyí tí ẹ ń tà kù títí ọmọ náà yóò fi kúrò lórí wàrà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ẹ ó ti gba wàrà yín padà.

Ìbéèrè: Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ní kí n má fún un ní wàrà mọ́ títí yóò fi dá.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ebi pa á pọ̀ mọ́ àìsàn ni. Ẹ máa fún un ní wàrà rẹ̀ bó ṣe wà. Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ẹ po oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ọmọdé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, kí ẹ fún un ní lítà 1 sí 1 àbọ̀. Ẹ má pò ó mọ́ wàrà. Kí ẹ kó ibi tó ń sùn, kí ẹ da ìyàngbò ìrẹsì gbígbẹ sí i. Tí ojú rẹ̀ bá ti jìn wọlé, tí ẹnu rẹ̀ tutù tẹ́ ẹ bá ki ìka bọ̀ ọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè dìde, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Kápúsù tí ẹ̀ ń tú sínú wàrà kì í ṣe dókítà.

Ìbéèrè: Ọjọ́ wo ló yẹ kí n gbé sítátà, ìyẹn oúnjẹ gbígbẹ tí ọmọ màlúù kọ́kọ́ ń jẹ, sílẹ̀, kí ló sì yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Láti ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́. Kò ní jẹ ẹ́ ní tòótọ́ títí ọ̀sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n kó máa fi imú àti ahọ́n mọ̀ ọ́n.

Fún kílò 10: àgbàdo kílò 5, sóyà kéèkì kílò 2 àbọ̀, èérí àlìkámà kílò 2 àti gíráàmù 200, ìyẹ̀fun ìkarahun òkun gíráàmù 200, iyọ̀ gíráàmù 100. Ẹ fi fítámínì màlúù sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò. Purotéènì rẹ̀ á wà láàárín ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó yẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ fọ́ àgbàdo náà ni, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná. Ìyàngbò ìrẹsì tí ẹ kó wá láti Imọ́ta, ilẹ̀ ni kí ẹ dà á sí. Ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ kò lè sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ má sì fi yùríà sí i, torí ọmọ kékeré kò lè lò ó.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ màlúù mi ti pé ọjọ́ 42. Mo ti dá wàrà dúró bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Sítátà wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jẹ koríko dáadáa, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ egungun, irun rẹ̀ sì le. Mo ti fún un ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló kù?

Láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì, ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù. Oògùn aràn ni gbogbo èèyàn sì máa ń sá lọ rà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹ fi kàlẹ́ńdà já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ ò fi oúnjẹ já a.

Ẹ rántí ṣàkì tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí ara rẹ̀ rí bíi tówẹ̀lì. Àwọn ohun kéékèèké tó yọ jáde lára tówẹ̀lì yẹn ni màlúù fi ń fa agbára inú oúnjẹ sára. Ọmọ tuntun kò ní wọn. Ṣàkì rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ sì ń dán. Wàrà kò lè mú wọn hù, torí nígbà tí ọmọ bá ń mu wàrà, ojú ọ̀nà kan máa ń pa pọ̀ bíi páìpù tí á gbé wàrà kọjá lára ṣàkì lọ sí ikùn kẹrin. Sítátà ló ń já sínú ṣàkì, tí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á sọ ọ́ di kíkan. Kíkan náà ló ń mú kí tówẹ̀lì hù. Koríko náà ń já síbẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló kàn ń na ṣàkì láti gbòòrò. Ọmọ yín ti ní àpò ńlá tí kò ní tówẹ̀lì nínú. Ikùn tó tóbi yẹn kún fún koríko tí kò lè lò.

Ẹ wá sọ pé sítátà wà níwájú rẹ̀. Ó wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mélòó ló jẹ? Ẹ mú òṣùwọ̀n ìdáná, ẹ wọn gíráàmù 500 sínú ike ní aago méje àárọ̀, kí ẹ lé adìẹ àti ewúrẹ́ jìnnà. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wọn ohun tó kù. Ká ní gíráàmù 380 ló kù, gíráàmù 120 ló jẹ. Ọmọ tí wọn kò fún ní wàrà mọ́ kò lè fi gíráàmù 120 gbé ara.

Ẹ wá wo ìdí tí kò fi jẹ, kí ẹ sì tẹ̀ lé e báyìí.

Omi ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wàrà tó ń mu ti jẹ́ omi. Wàrà kò dé ṣàkì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wí i tán. Omi lásán ló ń dé ibẹ̀, kòkòrò inú ṣàkì kò sì lè ṣiṣẹ́ nínú gbígbẹ. Ọmọ tí kò rí omi mu lè dín sítátà rẹ̀ kù tó ìdámẹ́ta. Kí omi wà lọ́tọ̀ láti ọjọ́ kẹrin, kó mọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ará etí òkun, ẹ tọ́ omi kànga yín wò. Tó bá níyọ̀ lẹ́nu yín, ẹ wá òmíràn fún un.

Lẹ́yìn omi, ẹ gbóòórùn ike sítátà. Ní àsìkò òjò, sítátà tó bá sùn mọ́jú nínú ike lẹ́bàá ọ̀sà máa ń gba ọ̀rinrin, itọ́ ọmọ á tún kún un, á dì, á sì kan. Ẹ̀yin á máa bu tuntun lé orí rẹ̀. Ọmọ màlúù kì í jẹ ohun tó bá ń rùn. Ẹ da èyí tó bá kù láti àná fún màlúù àgbà, kí ẹ fọ ike, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ bu gíráàmù 200 tuntun. Tó bá bu, ẹ dà á nù, ẹ má fún ẹran kankan. Tó bá sì ń fẹ́ eruku sí i nímú, ẹ lọ̀ ọ́ jù nìyẹn.

Ẹ kó koríko kúrò níwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwọn èèyàn, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ọmọ tó ń jẹ koríko bí àgbà.

Kí ẹ wá dá wàrà padà, lítà 3 lójúmọ́. Ẹ má bínú, owó wàrà tí ẹ rò pé ẹ ti jèrè kò sí níbẹ̀. Gbàrà tó bá mu wàrà tán, kí ẹnu rẹ̀ tó dẹ́kun fífà, ẹ fi ìka méjì tẹ́ ẹ ti rin, tẹ́ ẹ ti ki bọ sítátà, sí i lẹ́nu, kí ẹ wá darí ẹnu rẹ̀ sínú ike sítátà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 4 tàbí 5.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Nígbà tó bá ti ń jẹ tó gíráàmù 350, ẹ yọ wàrà ìrọ̀lẹ́ kúrò, kí ó ku lítà 1 àbọ̀ àárọ̀. Ebi ìrọ̀lẹ́ yẹn ló máa tì í sórí sítátà. Nígbà tó bá jẹ gíráàmù 700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 3 tẹ̀léra, ẹ dá ti àárọ̀ náà dúró. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sítátà gidi, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 kí ṣàkì rẹ̀ tó lè gbọ́ bùkátà. Nítorí náà, ọmọ yín tó jẹ́ ọjọ́ 42 lónìí lè súnmọ́ ọjọ́ 70 kí ó tó kúrò lórí wàrà. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, tó sì ní omi, sábà máa ń kúrò ní bí ọjọ́ 56.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún ọjọ́ 10 tí gíráàmù rẹ̀ kò kúrò lójú kan, tàbí tó ń húkọ́, tàbí tí ikùn apá òsì rẹ̀ ń wú bíi bọ́ọ̀lù lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbà yẹn ni kí ẹ pe dókítà ẹran. Kí ẹ mú ìwé tí ẹ kọ gíráàmù ojoojúmọ́ sí lọ́wọ́, torí ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ìbéèrè: A ti já a lẹ́nu ọmú. Ṣé a lè kó o mọ́ àwọn yòókù lọ́jọ́ kan náà, ká sì dá sítátà dúró?

Ẹ má ṣe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà fún ọ̀sẹ̀ 1 sí i, pẹ̀lú sítátà kan náà àti omi kan náà, kí ẹ wá máa fi koríko tútù rírọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá dá wàrà dúró, sítátà tó ń jẹ á gòkè fúnra rẹ̀, ó lè kọjá kílò 1 lójúmọ́. Tí kò bá gòkè láàárín ọjọ́ 3, ẹ fún un ní wàrà àárọ̀ padà fún ọjọ́ 5, kí ẹ tún gbìyànjú.