Bí olùkọ́ eré ṣe lè kọ lẹ́tà tó máa mú bọ́ọ̀lù wọ ilé ìwé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ní kọ́lẹ́jì ní Kétu níbí tàbí lápá Ṣábẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń rí, kíláàsì kan ọmọ 56, bọ́ọ̀lù 2, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti ń jò. A wá jókòó, a kọ lẹ́tà sí ọlọ́jà kan nínú ìlú pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́, eré dára fún ìlera àwọn ọmọ". Ẹni tó ń ta símẹ́ńtì ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí, lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣọdún, ó máa kà á, ó máa tì í sábẹ́ ìwé gbèsè, ó tán. Ọlọ́jà ni, ìṣirò ló ń gbọ́. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, èyí táwọn ọmọ ń pè ní ándì, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló rọrùn jù láti kó ọmọ púpọ̀ sí, ilẹ̀ títẹ́jú kan ti tó.

Kẹ́ ẹ tó mú bírò, ẹ ka nǹkan

Ẹ wọ yàrá tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹrù sí, ẹ fẹ́ gbogbo bọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá rọ̀ láàárọ̀, ẹ rì í bọnú omi, tí omi bá ń hó ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀, fáàfù ló bàjẹ́, tó bá jẹ́ ojú ìrán ló ti ń hó, ó ti kú nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ máa bi yín pé èyí tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ṣírò ohun tí ọmọ kan ń rí gbà nínú kíláàsì, ibí yìí gan-an ni agbára lẹ́tà yín wà. Ẹ jẹ́ ká ní ìṣẹ́jú 20 lẹ fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń hán an. Láti jíjù kan sí ìkejì, pẹ̀lú kí ọmọ sáré lọ sẹ́yìn ìlà, ẹ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bọ́ọ̀lù kan máa di jíjù 120 nìyẹn. Bọ́ọ̀lù 2 di 240, ẹ pín in sáàárín ọmọ 56, ọmọ kọ̀ọ̀kan jù ú bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó sì tò sórí ìlà, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ gbẹ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò tó kù. Tí bọ́ọ̀lù bá di 8, jíjù 960, ọmọ kọ̀ọ̀kan jù ú bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ọmọ 7 ló sì wà nídìí bọ́ọ̀lù kan. Ẹ má fi àáyá 10 tèmi ṣe o, ẹ di aago mú kẹ́ ẹ wo tiyín.

Kí ló dé tí mi ò sọ pé 28, kí ọmọ méjì méjì ní bọ́ọ̀lù kan? Òun ló dáa jù, kò sẹ́ni tó máa ra á fún yín ni. Tẹ́ ẹ bá béèrè ohun tó pọ̀ ju ẹnu ẹni tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ́ sí lọ, kò ní gé e kù, ńṣe ló máa dákẹ́.

Ohun tá a lè ṣe fúnra wa, ká má tọrọ rẹ̀

Òpó góòlù ándì, mítà 3 ní ìbú, mítà 2 ní gíga, onírin àdúgbò máa jó o fún yín. Ọ̀pá tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn nínú eré sísá, ẹ gé páìpù omi ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó ti parí. Iyanrìn fún fífò, àwọn òbí á wà á wá. Ẹ ṣe díẹ̀ nínú wọn ná kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nínú rẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, torí èèyàn máa ń fẹ́ fowó sí ohun tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù tí ẹnì kankan nínú ìlú ò lè fọwọ́ ṣe ni bọ́ọ̀lù, pọ́ńpù àtàwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀, kóònù, àti aṣọ aláìlápá tí wọ́n ń wọ̀ lé tọrùn wọn kí ẹgbẹ́ méjì má baà dàrú mọ́ra.

Nọ́ńbà bọ́ọ̀lù ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá kọ "bọ́ọ̀lù ándì 8" lásán, oníṣọ́ọ̀bù lè kó nọ́ńbà 3 fún yín, ti àgbà ọkùnrin nìyẹn, yíyí rẹ̀ ká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58 sí 60, ọwọ́ ọmọ sìzíẹ̀mù ò lè dì í mú, ó kàn máa máa fi ọwọ́ méjèèjì tì í bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà 2, sẹ̀ǹtímítà 54 sí 56, ló wà fún ọmọkùnrin ọdún 12 sí 16 àtàwọn obìnrin láti ọdún 14 lọ sókè. Nọ́ńbà 1, sẹ̀ǹtímítà 50 sí 52, ni ti àwọn ọmọbìnrin tí ò tíì pé 14 àtàwọn ọmọkùnrin tí ò tíì pé 12. Fún sìzíẹ̀mù àti sẹ̀ǹkíẹ̀mù, mo máa ń pín in sí méjì, 4 nọ́ńbà 1, 4 nọ́ńbà 2.

Lẹ́yìn èyí ẹ lọ gba fátúrà pùròfọ́má ní ṣọ́ọ̀bù, ní Pọ̀tọ̀-Nóvò tàbí Kutọnu, kó ní ọjọ́, kó ní tàǹpọ́n, kí wọ́n kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀lù sí i. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹni tó ń fowó sílẹ̀ máa rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dá iye náà sọ.

Lẹ́tà náà gan-an

Tá a bá ń kọ ọ́ sí mẹ́rì tàbí sí búrò èyíkéyìí, Faransé ni, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kan náà ni, ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá tò ó kó yé wa. Ojú ìwé kan péré. Ó sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ dirẹtọ̀ kọjá, olùkọ́ ò kàn lè dá jáde lọ tọrọ nǹkan lórúkọ ilé ìwé, tẹ́ ẹ bá fò ó dá, òun fúnra rẹ̀ lè ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà. Iye inú rẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni, fátúrà yín ló máa sọ tòótọ́.

Kétu, ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá

Sí Alhájì, ọ̀gá ilé ìtajà símẹ́ńtì, ọ̀nà Pobẹ̀
Nípasẹ̀ Dirẹtọ̀ kọ́lẹ́jì wa

Ọ̀rọ̀ lórí: bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù 8 àti ohun èlò rẹ̀

Alhájì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjà. Èmi ni olùkọ́ eré ní kọ́lẹ́jì. Ọmọ 56 ló wà ní kíláàsì sìzíẹ̀mù kan, bọ́ọ̀lù 2 la ní, ọ̀kan ń jò. Nínú ìṣẹ́jú 20 ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rí bọ́ọ̀lù jù bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù 8 máa sọ ọ́ di bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí ti san owó òpó góòlù, ó ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù nìyí: bọ́ọ̀lù 8 ní 7.000, ó jẹ́ 56.000, aṣọ aláìlápá 14 ní 1.500, ó jẹ́ 21.000, kóònù 20 ní 500, ó jẹ́ 10.000, pọ́ńpù kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ 4.000, àpò ìkóbọ́ọ̀lù 3.000. Àpapọ̀ 94.000 fáráǹkì. Fátúrà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

A ò béèrè owó lọ́wọ́. Ẹ lè san án fún ṣọ́ọ̀bù tààrà. Tí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù lásìkò yìí, bọ́ọ̀lù 4 àti pọ́ńpù, 32.000, ti mú ọmọ kọ̀ọ̀kan dé bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ilé ìwé ló ni ẹrù náà, yóò wọnú ìwé ẹrù dirẹtọ̀, lábẹ́ àgádágodo. Ní ìparí oṣù mẹ́ta a ó kọ̀wé sí yín bí wọ́n ṣe rí.

Mo máa yà láti kí yín lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣeun, sà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ 32.000 yẹn dáadáa. Mi ò kọ ọ́ bí ẹni ń dúnàádúrà, mo ṣí ilẹ̀kùn kejì fún un ni, kó má baà jẹ́ pé "rárá" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "a ò béèrè owó lọ́wọ́" náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbowó lórúkọ ọmọ ilé ìwé.

Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí lẹ̀ ń kọ ọ́ sí, ẹ yí nǹkan díẹ̀ padà. Wọn ò ní bi yín pé ta ló ń tọ́jú ẹrù, wọ́n máa bi yín pé kí ló dé tí kì í ṣe ìwé tàbí bẹ́ǹṣì la fẹ́ fowó rà. Ẹ rán wọn létí pé eré wà nínú ìdánwò bẹ́pẹ̀sé àti báàkì, máàkì ni, ọmọ tí kò rí ohun èlò fi ṣe é láàárín ọdún ibẹ̀ ló ti máa já. Fún àwọn ìyẹn ọ̀rọ̀ sísá, fífò àti jíjù irin ló yẹ kẹ́ ẹ gbé síwájú, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà náà sílẹ̀ kí ìpàdé wọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó wáyé, torí tí wọ́n bá ti pín owó tán, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Orúkọ ẹni tó ra aṣọ, ṣé ká tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀? Ó lè jẹ́, ṣùgbọ́n dirẹtọ̀ ló ń fọwọ́ sí i, ẹ má ṣèlérí ẹ̀ nínú lẹ́tà. Ẹni tó ń ta ọtí tàbí sìgá, èmi ò ní fi orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ ọdún 12, ì báà ra bọ́ọ̀lù ogún.

Gbígbé e lọ

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìkejì pẹ̀lú ọjọ́, ìyẹn deṣáàjì, ẹ mú un padà wálé. Láìsí i, ẹ ò ní mọ̀ bóyá lẹ́tà dé ọwọ́ ọ̀gá tàbí ó wà lábẹ́ tábìlì ọmọ ọ̀dọ̀. Kò dáa kẹ́ ẹ fi wátsáàpù ránṣẹ́ sí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ lọ kí i, láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá nínú lẹ́tà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ mú ọmọ kan àti bọ́ọ̀lù tó ti bẹ́ dání tí dirẹtọ̀ bá gbà fún yín.

Tí ẹrù bá dé, ẹ ṣí i lójú dirẹtọ̀ àti òbí kan, ẹ kà á, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé ìgbàwọlé, kẹ́ ẹ fi mákà kọ nọ́ńbà àti orúkọ ilé ìwé sára bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi omi tọ́ abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó tì í bọ fáàfù, gbígbẹ ló ń fà á ya, bọ́ọ̀lù tuntun lè kú lọ́sẹ̀ tó dé nítorí ìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ kọ lẹ́tà kejì sí Alhájì, kúkúrú: bọ́ọ̀lù 8 la gbà, 7 ṣì wà, ọ̀kan fáàfù rẹ̀ bàjẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jù ú ẹ̀ẹ̀melòó báyìí, kẹ́ ẹ má sì béèrè ohunkóhun nínú èyí.