Kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ló ‘fi hàn’: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ

Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú rẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: “Johnson (1921) fi hàn pé láti Mẹ́kà ni àwọn Yorùbá ti ṣẹ̀ wá.” Orúkọ wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó dàbí àléébù lójú ẹni tí kò ka ìwé náà. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó fi ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Èkíní, Johnson kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kọ́kọ́ sọ ìtàn Lámúrúdu ọba Mẹ́kà bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó yẹ ìtàn náà wò, tí ó ní àwọn Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà Lárúbáwá, pé wọn kò lè ti Mẹ́kà wá. Èrò tirẹ̀ ni pé apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni orírun wọn. Ohùn mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ó ṣe yẹ kí ó kọ ọ́ nìyí: “Johnson (1921) ròyìn ìtàn ẹnu tí ó so Yorùbá mọ́ Mẹ́kà, ó kọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, ó sì jiyàn pé láti apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.”

Èkejì, ẹni tí ó bá kọ “fi hàn pé” ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi “ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀” kún un, ẹ ó rí i. “Johnson jiyàn pé láti Íjíbítì ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀” jẹ́ gbólóhùn tí ó dúró. “Johnson fi hàn pé láti Íjíbítì ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀” ń ta ko ara rẹ̀. Ìjọra ìṣe àti àṣà wà lára ohun tí Johnson gbára lé, ìjọra sì lè ti ọ̀nà púpọ̀ wá. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó fún “jiyàn”, kò tó fún “fi hàn”.

Àwọn mìíràn a wá sá lọ sí òdìkejì. Wọ́n gbọ́ pé kí àwọn máa ṣọ́ra, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé “Ronald Ross lérò pé ẹ̀fọn ló ń tan àìsàn ibà.” Ross kò jókòó lérò lásán. Ní Íńdíà ní 1897, ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ní 1898, ó jẹ́ kí ẹ̀fọn tí ó ti kó kòkòrò ibà ẹyẹ jẹ àwọn ẹyẹ tí ara wọn le, àìsàn náà sì mú wọn. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a lo “fi hàn” fún nìyẹn, a sì ń rẹ́ ẹ jẹ bí a bá pè é ní èrò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé “pé” dáadáa. Ẹyẹ ni Ross fi ṣe àyẹ̀wò 1898 yẹn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ó fi hàn nínú rẹ̀ pé ẹ̀fọn ń kó ibà ran ènìyàn, ẹ ti sọ ju ohun tí ó ṣe lọ. Giovanni Battista Grassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ni wọ́n ṣe ti ènìyàn ní ọdún kan náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan kò lè bá òǹkọ̀wé lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin; gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni a ń wọ̀n. Níbi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ “ó ṣeé ṣe kí” tàbí “ó jọ pé”, “dábàá” ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì gé “ó ṣeé ṣe” rẹ̀ dànù.

Àṣìṣe kan tún kù tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí ènìyàn máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe torí kí “sọ pé” má baà pọ̀ jù. Kò sí ohun tí ó burú nínú “sọ pé” méjì lójú ewé kan. Ohun tí ó burú ni “tẹnu mọ́ ọn” fún ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé dárúkọ lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí “jẹ́wọ́” fún ohun tí kò fìgbà kan fi pa mọ́. “Gbà pé” ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ó lè jẹ́ ìgbàgbọ́ òǹkọ̀wé, ó sì lè jẹ́ ohun tí ó fún alátakò rẹ̀ láyè lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ẹ kọ “èrò rẹ̀ ni pé”. Bí ó bá jẹ́ ti alátakò, ẹ kọ “ó gbà fún wọn pé”.